Ta Nìyí? Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Bẹ Olùkọ́ Wa Àtijọ́ Láti Jẹ́rìí Wa Lórí Pọ́tálì

Ní 14 Oṣù Kọkànlá, mo jókòó sílé wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, mo sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Iléṣà, kí n tó wá wọ yunifásítì. Mo dà á kọ síhìn-ín bó ṣe rí, ojú ń tì mí o:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ takuntakun. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, àwọn ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ. Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ìjẹ́rìí ní ilé-ìwé kan. Wọn yóò kọ̀wé sí yín. Ẹ ṣé púpọ̀ mà."

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan, èsì kò dé. Ajẹ́rìí mẹ́ta ni yunifásítì tí mo ń kọ̀wé sí ní Amẹ́ríkà fẹ́ fún ẹ̀kọ́ Másítà. Àwọn méjì tó wà ní ẹ̀ka wa ti parí tiwọn. Níwájú orúkọ ìyá Iléṣà nìkan ni pọ́tálì ṣì ti ń sọ pé òun ń dúró. Ní ọjọ́ kẹwàá, fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó fi dá mi lóhùn: "Ta nìyí?"

Ẹ padà lọ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Iléṣà, nítorí náà fóònù tirẹ̀ kò lè bá mi sọ ọ́. Mo kí i, mo ṣàdúrà fún un, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ẹni tí mo jẹ́, ibi tí mo ń lọ, ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe àti ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ. Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé mo ti fi orúkọ rẹ̀ sórí pọ́tálì kí n tó bi í bóyá ó gbà.

Ní 26 Oṣù Kọkànlá mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ilé ni mo sì bá a. Nígbà tó rí mi, ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, ó ní kí n wá lẹ́tà tí mo ń sọ. Inú Spam ni mo ti rí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é, láìsí "Ọ̀mọ̀wé", láìsí "Ìyáàfin". Ìlà tó tẹ̀ lé e ní kí ó tẹ líǹkì kan.

Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ tí ọkọ mi gan-an kì í pè, ẹni tí n kò mọ̀ rí ló ń pè é, tó tún ní kí n tẹ nǹkan. Ọmọ Yàhúù ni mo pè é, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀."

Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́ ni pé kí a má tẹ líǹkì tí àlejò bá fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ló kọ lẹ́tà yẹn, kì í ṣe ènìyàn, ó sì yẹ kí n ti sọ fún un ṣáájú pé ó ń bọ̀. Ohun tí pọ́tálì ń ṣe nìyí. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ajẹ́rìí, ẹ ó kọ orúkọ olùkọ́, ipò rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, ímeèlì rẹ̀ àti ohun tó pa yín pọ̀. Ẹ̀rọ yóò wá kọ lẹ́tà sí i, yóò sì fi líǹkì kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ ti òun nìkan, tí a so mọ́ ímeèlì tí ẹ kọ. Ẹ̀yin kò ní rí lẹ́tà náà. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ nínú àdírẹ́sì, bíi kí ẹ tẹ gmail.con, lẹ́tà náà lè sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín, ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé tiyín yóò sì kàn máa sọ pé a ṣì ń dúró de olùkọ́.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Pọ́tálì mìíràn ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ajẹ́rìí ní wéré tí ẹ bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn kò ní fi ránṣẹ́ àfi ìgbà tí ẹ bá tẹ Submit lórí fọ́ọ̀mù tiyín. Bí ẹ bá bá irú èkejì yìí pàdé, tí ẹ sì ń fi fọ́ọ̀mù falẹ̀ di ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì ni olùkọ́ yín yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń lo Slate, òun náà sì ni ilé-ìwé tèmi ń lò. Níbẹ̀, mo lè fi ti ajẹ́rìí ránṣẹ́ nígbà tí fọ́ọ̀mù tèmi kò tíì parí, mo sì lè tún lẹ́tà náà fi ránṣẹ́ bí ó bá sọnù.

Ìyá bi mí ní ọjọ́ tí wọn yóò tì í. Mo ní kí ọkàn wọn balẹ̀, pé 12 Oṣù Kìíní ni. Ó ní kí n fi ibi tí mo ti kà á hàn òun. Mo ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 12/01. Ó wo mí bí ìgbà tí mo bá gbé ohùn tí kò yẹ sórí fáwẹ́lì nínú kíláàsì rẹ̀. Oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe ọjọ́ bíi tiwa. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá ni wọ́n wí. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ó gbá mi lẹ́nu dúró. "Má fi ẹnu sọ ọ́ fún mi. Tí o bá kúrò níhìn-ín màá gbàgbé ìdajì. Lọ kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí o ti kọ ọ́, kí n rí i kà, màá wá mọ̀ bóyá mo lè ṣe é."

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Òṣogbo ni mo ti ń ro ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ìyá yìí bójú tó fún mi dá lórí arọ́pò-orúkọ àti ọ̀wọ̀ nínú Ìjẹ̀ṣà. Ìyá ìyá mi ní Ìṣọkùn kì í fi "ẹ" bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. "O" ló ń lò fún ọmọdé àti àgbà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ ọ lè sọ pé ọ̀yájú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ẹ ó rí bí àbúrò ṣe ń sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n: ó ń sọ ìdí, ó ń sọ pé òun mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti kọ̀. Inú ọ̀rọ̀ wọn ni ọ̀wọ̀ wà, kò sí nínú arọ́pò-orúkọ. Èmi tí mo kọ iṣẹ́ yìí, tí mo gba máàkì lórí rẹ̀, ni mo wá kó "ẹ" mẹ́fà sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo láìsí ẹ̀bẹ̀ gidi kan nínú rẹ̀. (Mo kà á.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹ̀kọ́ ìlò-èdè ní ipele kẹta yóò rántí Brown àti Levinson, tí iṣẹ́ wọn lórí ìbọ̀wọ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1978, tó sì di odidi ìwé ní 1987. Wọ́n ní olúkúlùkù ló ní ojú tí kò fẹ́ kí ó já, irú ojú tí Yorùbá ń wí nígbà tí a bá ní "ojú ń tì mí". Ẹ̀bẹ̀ sì máa ń tẹ ẹni tí a ń bẹ̀ lójú, nítorí pé ó ń gba àkókò àti òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ kan ṣe wúwo tó, báyìí ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀:

```
W = D + P + R
```

W ni ìwúwo ẹ̀bẹ̀. D ni bí àwa méjèèjì ṣe jìnnà síra wa tó. P ni agbára tí ẹni tí mo ń bẹ̀ ní lórí mi. R ni bí ohun tí mo ń béèrè fúnra rẹ̀ ṣe ń dá a lẹ́rù tó.

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ mi pẹ̀lú èyí. Ìkíni àti àdúrà, D àti P ni wọ́n ń bá jà: mo ń gbìyànjú láti sún mọ́ ìyá, mo sì ń sọ pé mo mọ̀ pé ó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n D àti P kò sí lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́ta tí n kò fi kàn sí i kò ní di ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. R nìkan ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dín kù ní tòótọ́, òun gan-an ni n kò fọwọ́ kàn. Mo fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá: kí ó wá ẹni tí mo jẹ́, kí ó rántí ohun tí mo ṣe, kí ó wá lẹ́tà nínú Spam, kí ó mọ ọjọ́ ìparí. Lójú tèmi, ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣì í nìyí. Ilé ti kọ́ wa ní ìkíni, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí náà a rò pé tí ìkíni bá ti pọ̀, ẹ̀bẹ̀ ti pé.

Ímeèlì tí mo kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí. Orúkọ mi nìkan ni mo yọ.

"Àkòrí: Ẹ̀bẹ̀ ìjẹ́rìí fún ẹ̀kọ́ Másítà, ọjọ́ ìparí 1 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí lálejò lónìí. Èmi ni ẹ bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí arọ́pò-orúkọ àti ọ̀wọ̀ nínú Ìjẹ̀ṣà. Èmi ni mo gba ohùn àgbà mẹ́jọ sílẹ̀ ní Ìṣọkùn, tí ẹ sọ pé ọkùnrin ni gbogbo wọn, tí mo sì padà lọ gba ti obìnrin mẹ́rin sí i.

Mo ń kọ̀wé wọ ẹ̀kọ́ Másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Amẹ́ríkà, ajẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n sì fẹ́. Àwọn méjì tó kù mọ ìwé tí mo kà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo bá lọ gba ohùn. Ǹjẹ́ ẹ lè jẹ́ ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí ohun rere sọ nípa iṣẹ́ yẹn láìfi ipá mú ara yín? Bí àyè kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ẹnì kan wà tí mo tún lè bẹ̀.

Bí ẹ bá gbà, n ó ní kí pọ́tálì tún lẹ́tà rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni, yóò pè yín lórúkọ bíi ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ni. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo Spam. Wọn yóò bi yín nípa ọdún tí ẹ ti mọ̀ mí, wọn yóò ní kí ẹ fi mí wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, wọn yóò sì gba lẹ́tà olójú ìwé kan tàbí méjì.

Mo fi iṣẹ́ àṣekágbá náà, máàkì mi nínú kọ́ọ̀sì méjèèjì tí ẹ kọ́ mi, àti àlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ pẹ̀lú ímeèlì yìí. Aago 5:59 ìdájí 2 Oṣù Kejìlá ni pọ́tálì yóò tì ní àkókò tiwa. N ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan rán yín létí ní 29 Oṣù Kọkànlá, n kò sì ní yọ yín lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ẹ ṣeun mà."

Jẹ́ kí n sọ ìdí àwọn nǹkan mélòó kan. Mo sọ̀rọ̀ àgbà mẹ́jọ àti obìnrin mẹ́rin nítorí ìbéèrè ìfiwéra yẹn. Ojú ìwé tí olùkọ́ máa ń rí sábà ń ní kí ó sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ti kọ́ rí, tàbí mẹ́wàá, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tàbí kí ó sọ pé òun kò ní ẹ̀rí tó. Olùkọ́ tí kò bá rántí yín yóò mú ti àárín, tàbí kí ó sọ pé òun kò ní ẹ̀rí, kò sì fi ìyẹn ṣẹ̀ yín. "Ọmọ dáadáa ni" kò wúlò fún lẹ́tà pẹ̀lú. Ohun tí ẹ ṣe lójú olùkọ́, tí ẹlòmíràn kò rí, ni kí ẹ rán an létí.

"Láìfi ipá mú ara yín" ṣe pàtàkì sí mi. Ẹni tó bá fi tipátipá gbà yóò kọ lẹ́tà tútù, lẹ́tà tútù sì burú ju kí ó kọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti kọ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀nà tòótọ́, kí ẹ ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn.

Ti aago, agogo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé-ìwé yẹn ń lò. Nínú Oṣù Kejìlá, wákàtí mẹ́fà ni a fi ṣáájú wọn, nítorí náà 11:59 alẹ́ wọn jẹ́ 5:59 ìdájí ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ wa. Láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹwàá, márùn-ún ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún olùkọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí òun ló ṣírò.

Orúkọ ilé-ìwé tún dá mi dúró díẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Iléṣà, ló wà lórí ìwé mi, ó sì di Yunifásítì Iléṣà ní 2022. Mo kọ orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí mi, mo sì kọ tuntun tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá lọ wò ó má baà rò pé irọ́ ni. Níbi ipò ìyá, mo kọ ọ́ pé olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, nítorí pé Gmail ló ń lò. Pọ́tálì mìíràn kì í fẹ́ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, ti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Bí olùkọ́ yín kò bá ní i mọ́, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Pọ́tálì yóò tún bi yín bóyá ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀tọ́ láti ka lẹ́tà náà. Ó wá láti inú òfin Amẹ́ríkà kan ti 1974 tí wọ́n ń pè ní FERPA. Mo jáwọ́. Olùkọ́ tó mọ̀ pé n kò ní rí i yóò sọ òótọ́ inú rẹ̀, ẹni tó sì ń ka lẹ́tà náà mọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Àwọn olùkọ́ mìíràn, nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà náà wá kí àwọn fọwọ́ sí i, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí i pé kó parí ẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀rọ lè mọ ibi tí a ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta tí ọwọ́ kan kọ sì máa ń jọra. Mo ti ka irú èyí tí ọ̀rẹ́ mi kọ: ajẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣi ibì kan náà kọ. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fún olùkọ́ ní kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jẹ́ òótọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ kọ́ọ̀sì, kí òun fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìyá gbà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ méjì ni: "Fi ránṣẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì pè é láti bi í bóyá ó ti rí i. Inú Spam náà ló tún wà. Ní 29, kí n tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí tí mo ṣèlérí ránṣẹ́, ohun tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ti yí padà sí Received.

Mo pè é láti dúpẹ́. Ó ní kí n dúró ná, pé òun fẹ́ bi mí ní nǹkan. Ọmọ kan tún ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun láàárọ̀ yẹn, ó gbàdúrà fún òun títí, ó ní òun ti fi orúkọ yín sílẹ̀ síbì kan. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣé mo mọ nọ́ńbà náà?